Bí Idà Mẹ́ta Bá Yọ Nínú Káàdì Ìfẹ́, Ṣé Ó Ti Parí Nìyẹn?

Àwòrán ọkàn pupa kan ló wà lójú káàdì náà. Idà mẹ́ta gún un já, ọ̀kan láti òkè wá tààrà, méjì láti ẹ̀gbẹ́. Òjò ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀run sì ṣú. Kò sí ènìyàn níbẹ̀, kò sí ilé, kò sí igi. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ọkọ tàbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ káàdì tárọ̀, tí wọ́n sì ṣí èyí síwájú rẹ̀, kò ní dúró de ìtumọ̀ kí àyà rẹ̀ tó já. Idà Mẹ́ta lorúkọ rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù jù nínú gbogbo káàdì tó bá kan ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń dẹ́rù bani. Ikú wà níbẹ̀, Ilé Ìṣọ́ tí àrá sán pa wà níbẹ̀, Sàtánì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá mọ ohun tó wà nídìí Idà Mẹ́ta dáadáa, yóò lè fojú tó tọ́ wo àwọn yòókù. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jókòó tì í. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí káàdì náà ti kó ìdààmú bá ni mo kó jọ síhìn-ín, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ta ló tilẹ̀ ṣe káàdì yìí, kí ló sì fi ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀?

Eré ni wọ́n fi káàdì tárọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́lá ìlú Mílàn àti àwọn ìlú mìíràn ní àríwá Ítálì ti ń ta á láàárín ara wọn láti nǹkan bí ọdún 1440, bí àwa náà ṣe ń ta wọ́ọ̀tì. Ó lé ní 300 ọdún kí àwọn ará Faransé tó sọ ọ́ di ohun ìwòye. Ní ọdún 1781, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Antoine Court de Gébelin kéde pé ọgbọ́n àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ló fara pa mọ́ sínú káàdì náà. Kò ní ẹ̀rí kankan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì tàn kálẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn tó ń pe ara rẹ̀ ní Etteilla fi tẹ ìwé jáde tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi káàdì wo ọjọ́ iwájú.

Káàdì 78 ló wà nínú páàkì kan. Àwọn 22 jẹ́ àgbà káàdì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀: Ikú, Oòrùn, Olólùfẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn 56 tó kù pín sí ìdílé mẹ́rin: Ife, Idà, Ọ̀pá àti Owó. Àwọn tó ń wo káàdì gbà pé ìdílé Ife ló ń sọ ti ìmọ̀lára, Ọ̀pá ń sọ ti iṣẹ́ àti ìtara, Owó ń sọ ti dúkìá àti ara. Idà ní tirẹ̀ ń sọ ti èrò àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún kàn án níwájú.

Ní ayé àtijọ́, kò sí àwòrán ìtàn lójú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn 56 yẹn. Bí ẹ bá ṣí Idà Mẹ́ta, idà mẹ́ta lásán lẹ máa rí, bí ẹ ṣe ń rí àmì mẹ́ta lójú káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́. Ọdún 1909 ni nǹkan yí padà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arthur Edward Waite ló gbé èrò páàkì tuntun kalẹ̀, obìnrin ayàwòrán tó ń jẹ́ Pamela Colman Smith ló ya gbogbo rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé William Rider ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Smith fi àwòrán sójú gbogbo káàdì pátá. Páàkì yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò títí dòní, òun náà sì ni èyí tó pọ̀ jù lórí fóònù ti wò ṣe àwòkọ.

Ó jọ pé Smith kọ́ ni àwòrán ọkàn tí idà gún yìí ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Páàkì àtijọ́ kan wà ní Ítálì tí wọ́n ń pè ní Sola Busca, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún 1491, ọkàn tí idà mẹ́ta gún sì wà nínú rẹ̀. Àwòrán páàkì náà dé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1907, ọdún méjì ṣáájú kí Smith tó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, ohun tó ń já yín láyà yẹn, ayàwòrán ló wo iṣẹ́ ayàwòrán mìíràn tó sì yà á. Kò sí ẹni tó lá àlá rẹ̀, kò sí ẹ̀mí tó sọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni.

Mo gbọ́ pé àwọn àgbà ayé àtijọ́ gan-an bẹ̀rù rẹ̀, tí wọ́n fi kó o dànù. Ṣé òótọ́ ni?

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ọ̀kan nínú páàkì tó lọ́jọ́ lórí jù láyé ni èyí tí wọ́n ṣe fún ìdílé Visconti àti Sforza ní Mílàn. Káàdì 74 ló ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, wọ́n sì wà káàkiri ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Ítálì. Mẹ́rin ti sọnù: Sàtánì, Ilé Ìṣọ́, Idà Mẹ́ta àti Ẹlẹ́ṣin Owó. Àwọn kan wá ń sọ pé ẹ̀rù ló mú kí wọ́n yọ mẹ́ta àkọ́kọ́ dànù. Ṣùgbọ́n ta ló ń bẹ̀rù Ẹlẹ́ṣin Owó? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ẹṣin ni, kò sí ibi kankan lára rẹ̀. Ikú tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sá fún, ó ṣì wà níbẹ̀ digbí. Káàdì tó ti lò ju 500 ọdún lọ kò ní ṣàìpàdánù díẹ̀.

Kí ni Idà Mẹ́ta túmọ̀ sí gan-an?

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti Waite fúnra rẹ̀, ẹni tó gbé páàkì náà kalẹ̀. Nínú ìwé tó kọ tẹ̀lé e, ohun tó kà sílẹ̀ fún Idà Mẹ́ta ni kíkúrò níbì kan, àìsí nítòsí, ìdádúró, ìpínyà, ìyapa àti ìtúká. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ìyapa wà níbẹ̀, mi ò ní fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n àìsí nítòsí àti ìdádúró náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì wọ̀nyí kì í sì í ṣe òpin ìfẹ́ kankan. Kò sí ègún níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣe yín. Kò sí ikú.

Àwọn tó ń wo káàdì lóde òní tún fi ohun kan kún un, èyí tí mo gbà pé ó bá àwòrán náà mu. Idà ni ọ̀rọ̀ àti èrò. Ọkàn tí idà gún ni ọkàn tó gbọ́ ohun tó dùn ún, tàbí tó mọ ohun tí kò fẹ́ mọ̀. Ìyẹn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ líle tí ọkọ sọ lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò tíì tọrọ àforíjì. Ó lè jẹ́ òtítọ́ kan tí ìyàwó ti mọ̀ láti oṣù mẹ́ta tó ń bò mọ́ra. Káàdì náà ń sọ pé nǹkan dun ènìyàn. Kò sọ pé ọgbẹ́ náà kò ní jinná, kò sì sọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ó ti jáde fún mi. Ṣé kì í ṣe torí tèmi ló ṣe jáde?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi ṣírò, nítorí ìṣirò yìí ti tu ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ju ìtumọ̀ lọ.

Ká sọ pé ẹ fa káàdì mẹ́ta nínú 78. Àǹfààní tí Idà Mẹ́ta ní láti wà lára wọn jẹ́ 3 nínú 78, èyí tí í ṣe 1 nínú 26. Ìyẹn ti òun nìkan. Ẹ wá kó gbogbo káàdì tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ jọ: Ikú, Ilé Ìṣọ́, Sàtánì, Idà Mẹ́ta, Idà Mẹ́sàn-án, Idà Mẹ́wàá, Ife Márùn-ún, Ife Mẹ́jọ, àti bóyá méjì mìíràn. Ó di mẹ́wàá. Bí ẹ bá fa káàdì mẹ́ta, àǹfààní pé ó kéré tán ọ̀kan nínú mẹ́wàá yìí á yọ jẹ́ nǹkan bí 34 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá lo ọ̀nà onígbèéwọn káàdì mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ awòkáàdì ń lò, ó di nǹkan bí 77 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ ro ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Bí gbogbo káàdì líle bá jẹ́ òpin ìfẹ́, a jẹ́ pé nínú tọkọtaya mẹ́rin tó bá lọ wo káàdì mẹ́wàá, mẹ́ta yóò tú ká. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbì kankan láyé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdána á fa Idà Mẹ́ta, ẹni tó ti lo 40 ọdún nílé ọkọ á fà á, ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́kùnrin rárá náà á fà á.

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan ó ti yọ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ lásán?

Ẹni tó bá ń fa káàdì mẹ́ta lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, àǹfààní pé á rí Idà Mẹ́ta ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan jẹ́ nǹkan bí 69 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rù sì máa ń jẹ́ kí a rántí ọjọ́ tó yọ, kí a gbàgbé ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí kò yọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń lo káàdì olójú pépà kì í fiyè sí, òun ni bí wọ́n ṣe ń dà á pọ̀. Bí ẹ bá ti lo káàdì tán lánàá, tí ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ fà sórí ìyókù, tí ẹ wá kàn gé e lẹ́ẹ̀mejì lónìí, àwọn mẹ́ta yẹn ṣì wà pọ̀. Ibi tí ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n lára ni ẹ óò tún ti fà á. Káàdì tuntun tí wọ́n kó láti ilé iṣẹ́ náà máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ̀ rọrùn: bí ọ̀pọ̀ káàdì tó tẹ̀ léra lánàá bá tún tẹ̀ léra lónìí, ẹ kò tíì dà á pọ̀ dáadáa. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rò ó kiri bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó kó o jọ. Ẹni tó bá sì ń béèrè ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó sinmi. Kò sí ohun tó yí padà láàárín òun àti olólùfẹ́ rẹ̀ láti àná. Ìdààmú nìkan ló ń pọ̀ sí i.

Ẹ fi àpẹẹrẹ kan yé wa. Báwo ni a ṣe ń ka káàdì líle láìṣe pé a ń fọ̀rọ̀ dídùn tàn ara wa jẹ?

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo obìnrin kan tó wà ní Ìbàdàn. Ọkọ rẹ̀ ti wà ní Mansẹ́sítà láti ọdún kan ààbọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé àwọn arúgbó. Tẹ́lẹ̀, gbogbo alẹ́ ló ń pè. Ní báyìí ó di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ju owó iléèwé ọmọ lọ. Obìnrin yìí ní kí wọ́n bá òun wo káàdì mẹ́ta. Àyè àkọ́kọ́ ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀, èkejì ni ohun tó wà láàárín wọn báyìí, ẹ̀kẹta ni ohun tó yẹ kó ṣe.

Idà Mẹ́ta bọ́ sí àyè àkọ́kọ́. Ekejì ni Àdágbé, bàbá arúgbó kan tó dá dúró lórí òkè pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni Ọ̀dọ́ Ife, ọmọdékùnrin kan tó gbé ife dání tí ẹja yọrí nínú rẹ̀, tó ń wo ẹja náà tìyanu-tìyanu.

Awòkáàdì tí kò mọ̀ ju ẹ̀rù lọ á tọ́ka sí ọkàn tí idà gún, á ní, "Obìnrin mìíràn ti wà níbẹ̀." Kò sí obìnrin kankan lójú káàdì náà. Ẹ padà sí ohun tí Waite kọ: àìsí nítòsí, ìdádúró. Ìyẹn gan-an ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yìí. Ọkọ rẹ̀ wọkọ̀ òfurufú, ó lọ. Káàdì náà wà ní àyè àná, kò sí ní àyè ọ̀la. Awòkáàdì tó mọṣẹ́ á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ìyá, kí lẹ bá ara yín sọ kí wọ́n tó lọ tó ṣì ń dùn yín?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹkún ló máa ń tẹ̀lé ìbéèrè yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àdágbé ní àárín fi hàn pé olúkúlùkù wọn ló ń dá gbé ẹrù tirẹ̀. Ọkọ ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ nígbà tí ìyàwó ń múra ọmọ fún iléèwé. Ọ̀dọ́ Ife ní àyè ìmọ̀ràn wá ń sọ pé kí ó ránṣẹ́ tó ti ọkàn wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó iléèwé. Kó sọ pé òun ń sàárò rẹ̀. Káàdì mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn le koko, àmọ́ ìtumọ̀ tó jáde ni pé kí obìnrin náà pe ọkọ rẹ̀, kó sì bá a sọ ohun mìíràn yàtọ̀ sí owó.

Ẹ jẹ́ kí a yí àyè wọn padà wàyí, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ọ̀dọ́ Ife bọ́ sí àná, Àdágbé wà láàárín, Idà Mẹ́ta wá bọ́ sí àyè ìmọ̀ràn. Ó le jù báyìí, mo gbà. Ìfẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú ọmọdé, ó di ìdágbé, ọgbẹ́ sì wà níwájú. Ṣùgbọ́n àyè ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe àyè ìdájọ́. Ìmọ̀ràn idà ni pé kí wọ́n sọ òtítọ́ tó máa dunni. Obìnrin náà ní ìbéèrè kan tó ń bẹ̀rù láti bi ọkọ rẹ̀. Káàdì ń sọ pé kó bi í. Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn náà má dùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkọ náà ti pàdánù iṣẹ́ láti oṣù méjì tí ìtìjú kò jẹ́ kó sọ. Káàdì kò mọ èwo ni. Ọkọ ló mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá kà á báyìí kò tíì fi ọ̀rọ̀ dídùn tan obìnrin náà jẹ. Ó gbà pé ọgbẹ́ wà. Ohun tó kọ̀ láti ṣe ni kó sọ ohun tí kò sí lójú káàdì.

Bó bá dorí kodò ńkọ́?

Àwọn kan ní ó sàn ju èyí tó dúró ṣánṣán lọ, pé idà ti ń jábọ́ kúrò lára ọkàn. Waite kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdàrúdàpọ̀ àti àṣìṣe ló kọ fún un. Ọ̀pọ̀ awòkáàdì kì í ka ìdoríkodò sí rárá. Ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó fún yín ṣáájú kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má di pé ó ń yan ìtumọ̀ lẹ́yìn tó rí ojú yín.

Àwọn káàdì líle yòókù ńkọ́?

Ẹ wo Ife Márùn-ún. Ọkùnrin kan wọ agbádá dúdú, ó tẹ orí ba, ó ń wo ife mẹ́ta tó ti dà nù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ju ibẹ̀ lọ. Ife méjì ṣì dúró lẹ́yìn rẹ̀, afárá kan sì wà lọ́ọ̀ọ́kán tó lọ sí ibi ilé. Smith fara balẹ̀ yà wọ́n sí ibi tí ọkùnrin náà kò ní rí wọn àyàfi tó bá yíjú padà. Ní ti Ikú, egungun tó gun ẹṣin funfun ni, ọba ti ṣubú lábẹ́ ẹṣin, oòrùn sì wà láàárín ilé ìṣọ́ méjì lókèèrè. Àwọn tó mọ káàdì kà á sí òpin ìgbà kan tí ìgbà mìíràn tẹ̀lé. Ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ó lè jẹ́ òpin ìgbà àpọ́n nítorí pé ìgbéyàwó ti dé.

Ṣùgbọ́n ó ṣẹ sí ọ̀rẹ́ mi lára. Wọ́n fa Ilé Ìṣọ́ fún un, wọ́n sì tú ká láàárín oṣù kan.

Mo gbà pé wọ́n tú ká. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù yẹn. Obìnrin tí wọ́n sọ fún pé ilé rẹ̀ ń wó lọ á délé, á wo ọkọ rẹ̀ bíi ọ̀tá. Ó dé pẹ́ díẹ̀, ó di ẹ̀sùn. Ó sùn, wọ́n ṣí fóònù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ì bá fi ẹ̀rín parí di ìjà. Ọkọ tó ti rẹ̀ á bínú jáde. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wá bàjẹ́, káàdì ni wọ́n máa yìn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù tí káàdì gbé sílẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà.

Ìdí kejì ni pé ọ̀rọ̀ gbogbogbòò máa ń bá gbogbo ènìyàn mu. Ní ọdún 1948, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Bertram Forer, fún akẹ́kọ̀ọ́ 39 ní ìwé kan, ó ní ìwà olúkúlùkù ló wà nínú tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi máàkì tó ga jù márùn-ún díwọ̀n bó ṣe bá wọn mu. Ìpíndọ́gba wọn lé ní 4. Ìwé kan náà ló fún gbogbo wọn. Bí awòkáàdì bá sọ fún yín pé ẹnì kan ti dùn yín rí nínú ìfẹ́, pé ẹ kì í sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn yín jáde, ta ni kò bá mu?

Èmi kò rí ẹ̀rí kankan pé káàdì ń rí ọjọ́ iwájú. Ohun tí mo ti rí ni pé ó lè jẹ́ kí ènìyàn sọ ohun tó ń gbé mì.

Ṣé kò jọ ti Ifá nígbà náà?

Kò jọ ọ́. Ifá ní odù 256, ó ní ẹsẹ tí babaláwo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, ó sì ní ẹ̀sìn tó dúró lé lórí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí àwọn awòkáàdì wa kọ́. Bí Ifá bá fọ ibi, babaláwo kì í lé ẹni tó wá wádìí lọ bẹ́ẹ̀. Á fi ìbò wádìí irú ibi tó jẹ́, bóyá àrùn ni tàbí ẹjọ́ tàbí òfò, á sì wádìí ẹbọ tí ẹni náà máa rú. Ẹni tó fọ ibi fún ènìyàn tí kò sọ ohun tó lè ṣe, kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ẹni tó wò ó fún mi ní ègún ló wà nídìí rẹ̀, pé kí n san owó kún un kó lè tú u.

Ibí yìí ni inú ń bí mi sí. Bó ṣe máa ń lọ nìyí: wíwò àkọ́kọ́ lè jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí kó jẹ́ owó kékeré. Káàdì líle yọ. Ó yí ohùn padà, ó ní òun ti rí ohun kan tí òun kò fẹ́ sọ. Ó wá di àbẹ́là, ó di àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án, owó sì ń lé owó. Bí ẹ bá ní ẹ kò ní mọ́, ó ní ègún náà máa kan ọmọ. Kò sí ìwé tárọ̀ àtijọ́ kankan tó kọ ègún sí Idà Mẹ́ta, ẹ sì ti rí ohun tí Waite kọ.

Òfin mọ ìwà yìí. Ní Bìrìtìkó, òfin kan wà láti ọdún 1951 tó dojú kọ àwọn tó ń fi ìríran tanni jẹ. Wọ́n fagi lé e ní ọdún 2008, wọ́n sì fi òfin ìdáàbòbò oníbàárà rọ́pò rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń ta wíwò káàdì jẹ́ ọlọ́jà bíi ti ọlọ́jà yòókù, kò gbọ́dọ̀ fi irọ́ tàbí ìhàlẹ̀ gbowó lọ́wọ́ oníbàárà. Ní ìpínlẹ̀ Niu Yọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni kí ènìyàn gbowó láti tú ègún, àyàfi tó bá jẹ́ eré ìdárayá lásán.

Ṣé kò wá sí ìgbà tí káàdì líle jẹ́ ìkìlọ̀ tòótọ́?

Ó wà. Kì í ṣe káàdì ló ń ṣe ìkìlọ̀ náà o, ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Bí Idà Mẹ́ta bá yọ, tí ohun tó kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn jẹ́ àpá tó wà ní apá yín, tàbí owó tó ń pòórá nínú àkáǹtì, tàbí ọmọ tó ń sá pamọ́ bí ó bá ti gbọ́ ìró bàtà bàbá rẹ̀, ẹ má fa káàdì mìíràn mọ́. Ẹ ò nílò kí káàdì fọwọ́ sí ohun tí ojú yín ti rí. Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín, tàbí alàgbà tí ẹ fọkàn tán, tàbí ọlọ́pàá bó bá ti di ti lílù, ẹ sì lọ lónìí.

Bí kò bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ọgbẹ́ ọ̀rọ̀ ni, tàbí ìjìnnà, tàbí ìbéèrè tí ẹ ń bẹ̀rù láti béèrè, ẹ kó káàdì náà sínú páálí rẹ̀, ẹ gbé fóònù, kí ẹ pe ẹni tó nílò láti gbọ́ ọ.